Ìgbẹ̀yìn lalayò ń ta: iṣẹ́ ṣọ́jà níbí àti ọjọ́ tí wọ́n bá bọ́ aṣọ

Ó ti tó ẹni mẹ́ta tó bi mí lẹ́nu àìpẹ́ yìí bóyá kí àbúrò àwọn wọ iṣẹ́ ṣọ́jà níbí. Ìwé ọ̀mọ̀wé tí mò ń kà kò kan ogun rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Woolwich kò lè ṣàìmọ ṣọ́jà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń rọ ìbọn àti àgbá fún ọba ni wọ́n kọ́ ilé Thamesmead lé lórí. Báráàkì ṣì wà lókè níbẹ̀, àwọn ọmọ wa sì wà láàárín àwọn tó ti jáde nínú iṣẹ́ náà.

Gbogbo ayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni mo fẹ́ sọ.

Tí ọmọ Nàìjíríà bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun níbí, òfin físà kò mú un. Wọ́n á lu òǹtẹ̀ kan sínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pé ṣọ́jà ni. Òǹtẹ̀ yẹn ló ń tan èèyàn jẹ, torí ó jọ ìwé ìgbélùú, àmọ́ kì í ṣe òun. Ọjọ́ tí wọ́n bá bọ́ aṣọ ni agbára rẹ̀ tán. Ọjọ́ 28 péré ni òfin fún un láti kọ̀wé béèrè ìgbélùú títí láé. Tí ọjọ́ 28 bá kọjá láìkọ̀wé, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì lè gba ilé ìjọba, bó tilẹ̀ ti lọ sógun fún wọn.

Bọ̀dá kan wà ní Thamesmead tí a jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó wọṣẹ́ ní 2012, ó jáde ní 2021, ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Ìyàwó àti àkọ́bí rẹ̀ wá bá a láti Ìbàdàn. Èyí àbúrò, ìbí ló ti bí i nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà ọmọ onílùú ni láti ọjọ́ ìbí. Èèyàn mẹ́ta ló kù tí yóò san owó: 2,389 pọ́n-ùn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà yẹn, àpapọ̀ 7,167. Òfin gbà á láyè láti kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ 18 ṣáájú ọjọ́ ìjáde, ṣùgbọ́n owó kò pé. Bọ̀dá ní, "Àbúrò, ọ̀gá mi ń bi mí irú iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìjáde, èmi ń ka ọjọ́." Àwọn tí wọ́n jọ ń dá àjọ ló gbé owó náà fún un ṣáájú ìgbà tirẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlélógún ló kọ̀wé.

Ní oṣù kẹrin 2022, ìjọba ní ṣọ́jà tó bá ti sìn fún ọdún mẹ́fà kò ní san owó yẹn mọ́. Ọdún kan péré lẹ́yìn tirẹ̀! Ìyípadà ọ̀hún kò sì kan ìyàwó àti ọmọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ má retí pé ọdún mẹ́sàn-án yóò máa mówó wọlé lóṣooṣù. Nínú ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, ẹni tó bá lo ọdún 20, tó sì ti pé ọmọ ogójì ọdún, ló ń gba nǹkan nígbà tó bá jáde. Ẹni tó bá jáde ṣáájú yóò dúró di ọjọ́ ogbó. Owó náà kò sọnù, àmọ́ kò ní san háyà ilé lónìí.

Àkókò ìmúra wà o. Ẹni tó lo ọdún mẹ́fà ní ọjọ́ iṣẹ́ 20 láti kọ́ṣẹ́ mìíràn, ẹni tó tó ọdún 16 ní ọjọ́ 35. Nílé, Oṣòdì ni àwọn ṣọ́jà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Bọ̀dá fi ọjọ́ tirẹ̀ kọ́ ọkọ̀ ńlá wíwà, òun náà ló ń jẹ lónìí.

Torí náà, tí àbúrò yín bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kó máa tọ́jú owó ìwé láti ọdún kìíní. Tó bá ti pé ọdún márùn-ún, ó lè kọ̀wé láti di ọmọ onílùú nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò dìgbà tó bá jáde. Owó àti òfin ń yí padà, kó yẹ ojú ewé ìjọba wò kó tó fi ìwé ìjáde sílẹ̀, nítorí láti ọjọ́ yẹn, oṣù 12 ló kù kí wọ́n bọ́ aṣọ. Oṣù 12 yẹn gan-an ni kó fi ṣètò, kì í ṣe ọjọ́ 28.