Kò Lè Má Wá

Bí màmá mi bá sọ nípa àbúrò rẹ̀ pé, "Kò lè má wá," gbogbo wa ti mọ̀ pé kí á bu oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀. "Kò" jẹ́ ìyísódì, "má" náà jẹ́ ìyísódì. Ọ̀kan pa èkejì, ó wá ku pé dandan ni kó wá.

Bóyá ìdí nìyí tí bàbá mi fi rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ bùọ̀dá wọn, tí wọ́n bí sáàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. A rán an sí aládùúgbò kan. Ó padà dé, ó ní, "Áì dídìǹtì sí nóbọdì." Bàbá mi ní, "Ó rí ẹnìkan nìyẹn!" Ọmọ náà dáhùn pé ilẹ̀kùn wà ní títì pa. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì dùn mí, nítorí kò sí àṣìṣe nínú ohun tó sọ.

Nínú èdè tirẹ̀, ìyísódì kì í pa ara wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, àmì rẹ̀ ló hàn lójú méjì. Ilẹ̀kùn títì yẹn gan-an ló fi hàn wá: bó bá jẹ́ pé ó rí ẹnìkan ni, kí ló fẹ́ fi sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ṣe? Àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará Kúbà sì wà nínú wọn. "Nó bí a nádíẹ̀" ni wọ́n ń pe "Mi ò rí ẹnìkankan", "nó" àti "nádíẹ̀" sì jọ ń yí ọ̀rọ̀ sódì. Tíṣà wọn á fa igi pupa sí i bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yọ "nó" kúrò níbẹ̀. "Ẹnìkankan" tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, a lè bèèrè pé, "Ṣé o rí ẹnìkankan?" láìsí ìyísódì kankan.

Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Chaucer, akéwì Lọ́ńdọ̀nù tó kú ní 1400, to ìyísódì mẹ́rin sínú gbólóhùn kan láti yin jagunjagun kan pé kò bú ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1760, tí Robert Lowth kọ ọ́ sínú ìwé gírámà rẹ̀ pé méjì ń pa ara wọn, àwọn òǹkọ̀wé ńláńlá ti ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí àwọn yẹn ń kọ ló di ojúlówó. Àwọn tó kù ń bá tiwọn lọ, títí kan ọ̀pọ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù fúnra wọn.

Nínú ìdánwò, ojúlówó ni wọ́n ń fún ní máàkì, "ẹ́nìbọdì" sì ni èmi náà á kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìṣirò ló bí òfin náà. Bí ọmọ Amẹ́ríkà yẹn bá fẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì lóòótọ́, ohùn ló máa fi tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀: "Áì dídìǹtì sí NÓBỌDÌ, ọ̀gá ilé ni mo rí."