Ọ̀ta Tó Fi Ara Rẹ̀ Ṣe Ọ̀pẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ gèèmù orí fóònù ni a mú wá. Ní Alesa níhìn-ín, bí ẹgbẹ́ ẹni márùn-ún bá ti fìdí rẹmi, kálukú a máa di ẹ̀bi ru ẹnì kejì. A ti rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọn kò kí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Bí a ṣe pín wọn ni ọ̀rọ̀ wà.

Kọ̀ǹpútà ló ń pín wa. Ó ń fún olúkúlùkù ní máàkì tí ń gòkè bí a bá borí, tí ń wálẹ̀ bí a bá pàdánù. Irú ìṣirò yìí wọ́pọ̀ láti ìgbà tí àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé ti gba ti Arpad Elo wọlé ní ọdún 1970. Bí máàkì ẹni méjì bá dọ́gba, nínú eré 100, a retí kí kálukú borí ní 50. Bí ọ̀kan bá fi 200 ju èkejì lọ, òun yóò borí ní bíi 76. Nítorí náà, kí a pàdánù ìdajì eré wa kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń wá gan-an nìyẹn.

Ẹ wá wo ẹgbẹ́ méjì tí máàkì ẹni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wọn jẹ́ 1200. Lójú kọ̀ǹpútà, ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lọ́hùn-ún jẹ́ ọ̀ta tí agbára rẹ̀ tó 2000, tó lọ ṣí àkáǹtì tuntun. Bí a bá ṣírò agbára tòótọ́, ìpíndọ́gba tiwọn di 1360, tiwa kò kúrò ní 1200. Wọn yóò borí wa ní bíi 72 nínú 100.

Sìmọ́ọ̀fù ni wọ́n ń pe irú ọ̀ta bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996, nígbà tí àwọn akọni méjì nínú Warcraft II, tí àwọn ènìyàn ń sá fún, fi PapaSmurf àti Smurfette bojú.

Ọ̀pọ̀ gèèmù máa ń tètè gbé máàkì àkáǹtì tuntun sókè, nítorí náà sìmọ́ọ̀fù kì í pẹ́ nísàlẹ̀. Èyí tó ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù kí máàkì rẹ̀ má baà gòkè ni kọ̀ǹpútà kì í tètè mú.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àìdọ́gba ni ti sìmọ́ọ̀fù. Lóru, tí òṣèré kò pọ̀, kọ̀ǹpútà lè mú ẹni tí máàkì rẹ̀ jìnnà sí tiwa kí a má baà dúró pẹ́ jù. Bí ẹni 1800 bá sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní 600 dání, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 1200, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni 600 yẹn ni ọ̀tá yóò máa gbà wọlé.

Nítorí náà, bí a bá pàdánù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àkáǹtì àwọn tó nà wá: ṣé tuntun ni, tó sì ń borí ṣáá? Lẹ́yìn náà ni kí a tó bú ọ̀rẹ́ wa, bí èébú bá ṣì kù.