Ìdáhùn Pé, Máàkì Kò Pé

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi bá àjọ WAEC máàkì ìwé ìdánwò. Kò sí ẹjọ́ tí àwọn òbí ń gbé wá bá mi tó èyí: ìyá kan á mú ìwé ìdánwò àṣewò tí ọmọ rẹ̀ ṣe nílé-ìwé dání, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ìdáhùn ọmọ yìí kò yàtọ̀ sí ti inú ìwé, kí ló wá dé tí ẹ fún un ní òdo?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí n dá a lóhùn délẹ̀délẹ̀.

Kí WAEC tó dé, Kémbíríìjì ni wọ́n ti ń ṣètò ìdánwò ìwé mẹ́wàá fún àwọn ọmọ wa. Ọdún 1952 ni àjọ WAEC bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí G. B. Jeffery kọ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ lọ́dún 1950. Inú mi sì máa ń dùn láti sọ fún àwọn ọmọ pé onímọ̀ ìṣirò ni bàbá náà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà ìmáàkì àwọn Gẹ̀ẹ́sì la jogún: máàkì kan fún ọ̀nà tí ọmọ gbà, òmíràn fún ohun tí ọ̀nà náà bí.

Nígbà tí èmi ń kọ́ ìṣirò, kò sí ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé tébù la ń lò. Bí wọ́n bá ní ká sọ 3.17 di púpọ̀ ní ọ̀nà 48.6, a ó fa ìlà sáàárín ìwé, a ó kọ nọ́ńbà sápá òsì, a ó kọ lọ́ọ̀gì rẹ̀ sápá ọ̀tún: 0.5011, lẹ́yìn náà 1.6866. A ó ro wọ́n pọ̀ di 2.1877, a ó tún padà sínú tébù, a ó sì rí 154.1. Bẹ́ẹ̀, 154.062 ni ìdáhùn náà gan-an. Tébù kì í báni dé ìdí nọ́ńbà, nítorí náà ìdáhùn ọmọ méjì tí wọ́n ṣe ohun kan náà láìṣìnà lè fi díẹ̀ yàtọ̀ síra. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni olùmáàkì fi ń mọ̀ bóyá tébù ló fa ìyàtọ̀ náà tàbí ọmọ ló ṣìnà. Láyé ìgbà yẹn, ó ṣòro kí ọmọ má fi iṣẹ́ hàn, nítorí orí ìwé gan-an ló ti ń ṣe é.

Lẹ́tà M ni a ń kọ fún máàkì ọ̀nà, A sì ni ti ìdáhùn tó gba ọ̀nà náà jáde. Ohun tí àwọn òbí kì í mọ̀ ni pé A kì í dá dúró. Bí M bá di òdo, A tó gbára lé e di òdo pẹ̀lú, ìdáhùn ì báà pé bí ó ti wù kó pé.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fi sínú ìdánwò kíláàsì mi láti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí han àwọn ọmọ. Mo ní kí wọ́n wá iye x nínú (x + 3)(2 − x) = 4. Máàkì mẹ́rin ni. M1 wà fún títú àkámọ́ méjèèjì, A1 fún x² + x − 2 = 0, M1 fún pípín in padà sí (x + 2)(x − 1) = 0, A1 fún x = 1 tàbí x = −2.

Kò sí ọdún tí n kì í rí ọmọ tó kọ ọ́ báyìí: x + 3 = 4, nítorí náà x = 1; 2 − x = 4, nítorí náà x = −2. Ìdáhùn méjèèjì pé pérépéré. M0, A0, M0, A0 ni mo ń kọ sí i. Ọmọ náà ti rí i pé bí ìsọdipúpọ̀ nǹkan méjì bá jẹ́ òdo, ọ̀kan nínú wọn ní láti jẹ́ òdo. Ló bá lo òfin yẹn fún 4. Ṣùgbọ́n 4 kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ 2 lọ́nà 2, ó lè jẹ́ 8 lọ́nà ìdajì.

Báwo wá ló ṣe bọ́ sí i? Ẹ ro àkámọ́ méjèèjì pọ̀: (x + 3) + (2 − x) jẹ́ 5, ohunkóhun tí x ì báà jẹ́. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 4, èkejì á jẹ́ 1, 4 lọ́nà 1 sì ni 4. Ìyẹn nìkan ló gbè é. Ẹ fi 6 rọ́pò 4 lápá ọ̀tún kí ẹ wò ó. Ọ̀nà ọmọ yẹn á mú x = 3 àti x = −4 wá. Ẹ fi 3 sínú rẹ̀: 6 lọ́nà −1, ó di −6. Òdo àti −1 gan-an ni ìdáhùn. Nínú gbogbo nọ́ńbà tí a lè kọ sápá ọ̀tún ìdọ́gba yìí, 0 àti 4 nìkan ni ọ̀nà náà lè bá mu. Bí mo bá fún ọmọ yẹn ní máàkì, mo ti sọ fún un pé ọ̀nà rẹ̀ dára, yóò sì lò ó lọ́jọ́ tí 6 bá wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ọmọ mìíràn nínú kíláàsì kan náà. Ó tú àkámọ́ dáadáa, ó rí 6 − x − x² = 4, ṣùgbọ́n nígbà tó ń kó 4 kọjá, ó gbàgbé láti yí àmì rẹ̀ padà, ó sì rí x² + x − 10 = 0. Èyí kò ṣeé pín sí àkámọ́, ó bá lo fọ́múlà, ó sì rí 2.70 àti −3.70. Kò sí ohun tó pé nínú ìdáhùn rẹ̀. Síbẹ̀ ó gba M1 fún títú àkámọ́, ó sì gba M1 fún fọ́múlà tó lò bó ti yẹ: méjì nínú mẹ́rin. Òfin tó gba máàkì lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ náà ló fún ẹnì kejì.

Ẹ̀rọ ìṣirò ló mú kí àìfiṣẹ́hàn pọ̀. Ọmọ á tẹ̀ ẹ́, á kọ ìdáhùn, ó parí. A tún máa ń rí ìwé láti ibì kan náà tí ìdáhùn wọn jọra débi àmì, tí kò sí ìlà iṣẹ́ kan lókè rẹ̀. Olùmáàkì kò mọ èyí tó ronú àti èyí tí wọ́n sọ ọ́ fún. Ohun tó wà lórí ìwé nìkan ló lè máàkì. Ìdí nìyí tá a fi ń kọ́kọ́ jókòó pọ̀, kí gbogbo wa máàkì àwọn ìwé àpẹẹrẹ kan náà, kí a sì fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí M wà. Bí èmi bá ń méfò ohun tó wà lọ́kàn ọmọ ní Ìbàdàn, tí ẹlòmíràn kò sì méfò ní Kánò, ìdánwò kan náà ti di méjì.

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló rí báyìí. Àwọn kan wà tí máàkì wọn jẹ́ B, èyí tí kò gbára lé M rárá: bí wọ́n bá ní kí o ka nǹkan lórí gíráàfù, kíkà náà ti tó. Nínú ọ̀bújẹ́tíìfù, lẹ́tà tí ọmọ yàn nìkan là ń wò. Ní ìdàkejì, bí ìbéèrè bá ní kí o fi hàn pé nǹkan kan jẹ́ 17, ìbéèrè ti fún ọ ní ìdáhùn, iṣẹ́ nìkan ló kù láti máàkì.

Ìtọ́ni tó wà lórí ìwé ìbéèrè náà sọ ọ́: kí ọmọ fi gbogbo iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì hàn pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ fún ìyá yẹn ni pé kí ọmọ rẹ̀ má ṣe iṣẹ́ sórí ìwé àjákù mọ́. Ó mọ ọ̀nà náà, mo bi í léèrè, ó sì ṣe é lójú mi. Ṣùgbọ́n ìwé àjákù kì í dé ọ̀dọ̀ olùmáàkì. Kó ṣe é sí abẹ́ ìbéèrè náà gan-an, bó bá sì ṣì í, kó fa ìlà kan ṣoṣo lé e, kó tún un ṣe sísàlẹ̀.