Fífi Àlejò Han Àwùjọ Pẹ̀lú Ògbufọ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe atọ́kùn ètò fún àwọn oníṣòwò l'Ékòó, ṣùgbọ́n àwọn ikọ̀ tó ń ti Ṣáínà wá ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíì lè rí i gbé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń sọ, ògbufọ̀ a sì tú u sí èdè wọn.

Ibi tí a ti ń dánu dúró ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ atọ́kùn ń dúró níbi tí èémí wọn bá ti tán. Wọ́n á ní, "Àwọn àlejò wa, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ," wọ́n á sì dákẹ́. Kí ni kí ògbufọ̀ wá sọ? Ní èdè Ṣáínà, àpèjúwe ló máa ń ṣíwájú ẹni tí à ń júwe, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ kó tó lanu. Báyìí ni mo ṣe máa ń gé e:

"Olórí ikọ̀ nìyí, Ọ̀gbẹ́ni Wang. Àwọn ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà." Mo dúró. Ògbufọ̀ sọ tirẹ̀, bàbá náà dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó di ìgbà tí àtẹ́wọ́ bá rọlẹ̀ kí n tó ní, "Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn tà á níbí." Mo tún dúró.

Gbólóhùn méjì tó pé ti tó. Bí mo bá sì rí i pé bírò ògbufọ̀ ṣì ń sáré lórí ìwé, mi ò ní fi ìkẹta kún un. Àwọn àlejò ni mo máa ń wò lójú ní gbogbo àkókò yìí, kì í ṣe ògbufọ̀.

Orúkọ àti owó ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan ti yí i padà sórí káàdì wọn, nítorí náà mo máa ń bi ògbufọ̀ léèrè èwo ni ti ìdílé. Ní ti owó, wọn kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún mílíọ̀nù. Ẹgbàárùn-ún, ìyẹn 10,000, ni wọ́n fi ń kà á. Mílíọ̀nù 30 yóò di 3,000 ẹgbàárùn-ún. Ibẹ̀ ni òdo kan ti máa ń já bọ́ lẹ́nu ògbufọ̀ tó bá ń kánjú. Nítorí náà, mo máa ń kọ gbogbo orúkọ, ipò àti iye owó sínú ìwé fún un ní ọjọ́ tó ṣáájú ètò. Bí wọ́n bá sì fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo máa ń kọ, torí ògbufọ̀ ló ni ìyókù.