Ọpẹ́ wa lọ́wọ́ arábìnrin tó sè oúnjẹ ìdúpẹ́ ọdún 20 ìjọ wa

Láti ọjọ́ Ìsinmi tí a ti ṣe ìdúpẹ́ ọdún 20 ìjọ wa níbí ní Ìbàdàn, fóònù wa kò sinmi. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi wá: "Pásítọ̀, ta ló sè oúnjẹ yẹn?" Ìyá Ìbejì ni o, arábìnrin wa alásè. A ti sọ fún un pé kó máa fi ohun tí a kọ yìí han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un. Oúnjẹ náà dùn, ṣùgbọ́n adùn nìkan kọ́ ló ń mú òde yẹni. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí.

Owó ìjọ la fi ṣe òde yìí. Àwọn opó wà nínú àwọn tó dá a, àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì rí iṣẹ́ náà sì mú tiwọn wá. Tí oúnjẹ bá bàjẹ́, tàbí tí kò kárí, ọrẹ wọn ló ṣòfò yẹn. Ìyá Ìbejì mọ èyí kó tó dáná rárá.

Nígbà tó kọ́kọ́ wá, kọmití sọ fún un pé kó sè fún èèyàn 600, kí ojú má baà tì wá. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé tí ẹ fi ń ka èrò ní ọjọ́ Ìsinmi." A gbé e fún un. Àgbà 280, ọmọdé 90, àlejò tó ti fèsì ìwé ìpè 80. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 450. Ẹnì kan ní kó ka ọmọdé méjì sí àgbà kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sà, ohun tí ọmọ bá jẹ kù, ìyá rẹ̀ ló máa bá a parí." Kóńgò ìrẹsì kan ló fi ń bọ́ èèyàn mẹ́sàn-án, nítorí náà kóńgò 50 ló máa sè. Àpò méjì tí a rà ní ọjà Bódìjà jẹ́ kóńgò 66 nígbà tó wọ̀n ọ́n. Ó ní kí kóńgò 16 tó kù wà ní gbígbẹ nínú àpò. "Ìrẹsì gbígbẹ kì í bàjẹ́, sà. Tí àlejò tí kò kọ lẹ́tà bá dé, a ó sè é. Tí wọn kò bá dé, ìjọ ló ni í."

Ọ̀rọ̀ kejì fẹ́ di àríyànjiyàn díẹ̀. Kọmití fẹ́ kó sè gbogbo oúnjẹ ní alẹ́ Sátidé, kí àwọn alásè lè jókòó sí ìsìn. Èrò rere ni. Àmọ́ Ìyá Ìbejì bẹ̀ wá pé ata nìkan lòun lè dín mọ́jú, òun kò lè sè ìrẹsì mọ́jú. Ó ṣàlàyé fún wa: kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tó máa ń wà lára ìrẹsì láti oko, tí sísè kì í sì í pa tán. Tí ìrẹsì bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú kúlà láti òru, kòkòrò yẹn á pọ̀ sí i, á sì tu májèlé sínú rẹ̀. Tí wọ́n bá tún un gbé kaná láàárọ̀, kòkòrò lè kú, ṣùgbọ́n májèlé yẹn kò ní lọ. Nígbà mìíràn kò ní kan, kò ní rùn, ìgbà tí èèyàn bá délé ni èébì á bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun òde rí, tí ẹ sì fi òru sáré lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mọ ohun tí a ń sọ.

Nítorí náà, alẹ́ Sátidé ló dín ata. Ó dín in títí omi rẹ̀ fi gbẹ, tí òróró léfòó, tí kíkan tòmátì sì lọ pátápátá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó wá bi wá léèrè pé, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, aago mélòó ni ìwàásù máa parí lóòótọ́?" Gbogbo kọmití bú sẹ́rìn-ín. A sọ fún un pé aago 12 ààbọ̀. Ó ṣírò padà sẹ́yìn láti ibẹ̀. Ìkòkò àkọ́kọ́ kúrò lórí iná ní aago 11, èyí tó kẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ ní 12 kọjá ìṣẹ́jú 15. Kó tó da ìrẹsì sínú kúlà kọ̀ọ̀kan, ó kọ́kọ́ da omi híhó sí i, ó dé e fún ìgbà díẹ̀ kó tó dà á nù, kí òtútù ara kúlà má baà gba ooru oúnjẹ. Kò da ìkòkò tuntun lé ti àkọ́kọ́ lórí. Nígbà tí wọ́n ṣí kúlà fún àwo àkọ́kọ́, èéfín ṣì ń jáde.

Kí wọ́n tó bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni, ó di oúnjẹ 60 sọ́tọ̀, ó sì kọ ọ́ sára kúlà pé ÒṢÌṢẸ́. Ti ẹgbẹ́ akọrin, onílù, àwọn tó ń tọ́ èrò sọ́nà àti àwọn tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ni. Ní òde púpọ̀, àwọn tó dúró láti àárọ̀ ló máa ń bá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ní ọjọ́ tiwa, onílù wa jẹ ẹran bíi ti alága.

Àfi bó ṣe di aago kan kọjá, bọ́ọ̀sì wọlé láti ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ìjọ wa. Èèyàn 70! Wọn kò fi tó wa létí. Àyà ìyàwó wa já. Ìyá Ìbejì kò gé ẹran sí méjì, kò sì dín àwo ẹnikẹ́ni kù. Omi ti ń hó lórí iná láti àárọ̀, ata díndín wà nílẹ̀. Ó wọn kóńgò mẹ́jọ, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e kaná, ó sì ní kí wọ́n fi mọ́ín-mọ́ín eléwé eéran kọ́kọ́ dá àwọn àlejò lóhùn. Kò tó wákàtí kan tí jọ̀lọ́ọ̀fù gbígbóná fi dé iwájú wọn. Ẹran 500 ló ti kà sílẹ̀, nítorí náà ti èèyàn 20 kò pé. Ó ti sè ẹyin kérétì kan pamọ́ fún irú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ló fún ní ẹyin, inú wọn sì dùn ju ti ẹni tó jẹ ẹran lọ.

Nígbà tí Jésù bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún, Ó kọ́kọ́ mú kí wọ́n jókòó ní ẹgbẹẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà, Ó ní kí wọ́n kó èyí tó ṣẹ́ kù jọ, agbọ̀n 12 ni. Ètò wà nínú iṣẹ́ ìyanu yẹn, ìṣirò sì wà níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì gbé ìwé kékeré kan wá fún akápò wa: ìrẹsì gbígbẹ kóńgò mẹ́jọ, ẹyin mẹ́wàá, òróró àbọ̀ gálọ́ọ̀nù. Ó kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ilé àwọn opó wa ni ìrẹsì yẹn lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ìyá Ìbejì, a dúpẹ́ o. Ìwọ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òógùn. Iná ìdáná rẹ kò ní kú. Ẹni tó bá fẹ́ gbé òde fún un, kó béèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ ti ka èrò yín dáadáa o, nítorí ó máa bi yín.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ bá wa ṣe àmín fún un.