Ìwé Ọ́dà Sọ Tirẹ̀, Ínfọ́ìsì Sọ Tirẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ṣe àìtíì ní ọ́fíìsì akáúntì kan kí ẹ tó jáde ilé-ìwé. Bí wọ́n bá gbé yín síbẹ̀, kò ní pẹ́ tí ínfọ́ìsì kan yóò fi gba orí ímeèlì wọlé, tí owó inú rẹ̀ kò ní bá ti ìwé ọ́dà mu. Àwa mẹ́ta tí a jọ ṣe àìtíì ní ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó rí irú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí a fẹ́ sọ ọ́ fún yín ni pé iye tí owó náà fi yàtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi gbogbo ọ́fíìsì lọ́nà.

Ìwé mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Èkíní ni ìwé ọ́dà, èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ fún ọlọ́jà pé kó gbé iye ẹrù báyìí wá, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ iye báyìí. Èkejì ni wébíìlì tí ẹrù bá wá, tí onísítọ́ọ̀ máa ń fọwọ́ sí lẹ́yìn tó bá ti ka ẹrù tán. Ẹ̀kẹta ni ínfọ́ìsì, tí ọlọ́jà fi ń béèrè owó rẹ̀. Akáúntì kì í sanwó títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi sọ ohun kan náà.

Ọlọ́jà tí ọ̀rọ̀ kàn jẹ́ ìyá kan tó ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n tẹ ìwé risíìtì 500 wá, ₦1,200 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ₦600,000. Owó orí ọjà, tí gbogbo wa ń pè ní fáàtì, ti wà ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020, nítorí náà fáàtì rẹ̀ jẹ́ ₦45,000. Àpapọ̀ ìwé ọ́dà wá jẹ́ ₦645,000. Ṣùgbọ́n ínfọ́ìsì tí ìyá náà fi ránṣẹ́ sọ pé ₦698,750. Ó fi ₦53,750 lé.

Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo ọ́fíìsì rí ibi tí ₦53,750 ti wá. Ìyá náà kọ ₦1,300 dípò ₦1,200. Ọgọ́rùn-ún náírà lọ́nà 500 jẹ́ ₦50,000, fáàtì orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦3,750. Ó pé géérégé. Nítorí pé ó pé, ó dà bí ẹni pé wàhálà ti tán. Bọ̀dá kan tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́ ní kí wọ́n yí ìwé ọ́dà padà sí ₦698,750, kí méjèèjì lè bára mu. Òmíràn ní kí a san ₦645,000 tó wà nínú ọ́dà, kí a sì dákẹ́. Bí ìyá náà bá fẹ́, kó wá bá wa.

Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ìwé méjì péré ni wọ́n gbé síra wọn, wọn kò tíì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀kẹta. A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí sítọ́ọ̀. Wọ́n tẹ 500 sórí wébíìlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n onísítọ́ọ̀ ti fa ìlà sí i, ó sì fi bírò kọ 480 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà máa ń wà lórí ìwé risíìtì, ojú kan ò sì gbọdọ̀ ní nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú òmíràn. Onísítọ́ọ̀ ṣí wọn wò, ó rí 20 tí nọ́ńbà wọn ti wà nínú àwọn mìíràn, ó sì dá 20 náà padà fún dírẹ́bà. Dírẹ́bà fọwọ́ sí i. Ẹni tó kọ ínfọ́ìsì ní Ṣómólú kò wo wébíìlì yẹn, inú ìwé ọ́dà ló ti mú 500.

Ẹ rí i báyìí. Ìwé ọ́dà àti ínfọ́ìsì jọ sọ pé 500, nítorí náà ìyàtọ̀ àárín wọn kò lè fi 20 yẹn hàn láé. Bí a bá ti yí ìwé ọ́dà padà bí bọ̀dá ṣe wí, ilé-iṣẹ́ ìbá san owó ìwé 20 tí kò sí nílẹ̀. Ohun tí a kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti àpapọ̀. Iye ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́yìn náà owó ẹyọ kan, lẹ́yìn náà fáàtì. Àpapọ̀ ni kó gbẹ̀yìn.

Ọ̀gá wa ní kí a kọ ímeèlì sí ìyá náà. Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, bó ṣe lọ nìyí:

> Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. A ti rí ínfọ́ìsì yín lórí ìwé risíìtì. A kò tíì lè sanwó rẹ̀ nítorí ohun méjì tí kò bá ìwé ọwọ́ wa mu.
>
> Èkíní, owó ẹyọ kan: ìwé ọ́dà sọ ₦1,200, ínfọ́ìsì sọ ₦1,300. Ṣé ìwé kankan wà lọ́wọ́ yín tó fi hàn pé a jọ fẹnu kò sí ₦1,300?
>
> Èkejì, iye ẹrù: ínfọ́ìsì sọ 500, wébíìlì tí dírẹ́bà yín fọwọ́ sí sọ 480. A so ìwé ọ́dà àti wébíìlì náà mọ́ ọn.
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ínfọ́ìsì tuntun ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dá wa lóhùn lórí méjèèjì.

A kò sọ pé wọ́n fi owó kún un, nítorí a kò tíì mọ̀. A kò sì sọ iye tí kí wọ́n kọ, torí pé bí a bá sọ ọ́, ọlọ́jà tó ń wá owó rẹ̀ lójú méjèèjì lè kọ ọ́ lásán kó lè tètè rí owó gbà, a ò sì ní mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Kàkà kí ìyá náà fèsì, fóònù ni wọ́n gbé. "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo sọ fún ọ̀gá tó ń ra ọjà! Mo ní bébà ti wọ́n sí i!" A ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ sínú ímeèlì, kí ẹ sì so ìwé tó bá wà mọ́ ọn." Ìwé iye owó tí wọ́n kọ sí ilé-iṣẹ́ kí ọ́dà tó jáde ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹta oṣù ni wọ́n kọ ọ́. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wà níbẹ̀ pé ọjọ́ 14 péré ni ₦1,200 yóò fi dúró. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni ilé-iṣẹ́ wá kọ ìwé ọ́dà, wọ́n sì lo iye owó tí àkókò rẹ̀ ti kọjá. Ìyá náà pe ọ̀gá tó ń ra ọjà lórí fóònù, ọ̀gá náà sì ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, pé àwọn yóò tún ọ́dà ṣe. Wọn kò tún un ṣe.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Bí ọlọ́jà bá gba ìwé ọ́dà tó sì gbé ẹrù wá láìkọ ohunkóhun sílẹ̀, ohun tí wọn yóò kà sí àdéhùn ni iye inú ìwé ọ́dà. Bí ọ̀gá náà bá ní òun kò rántí, ìwé 480 ní ₦1,200, pẹ̀lú fáàtì, ni akáúntì ìbá san: ₦619,200. Ìyá náà, tó ti fi owó tuntun ra bébà, ìbá pàdánù ₦51,600 nítorí ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ọpẹ́ ni pé ọ̀gá náà gbà, ó sì kọ ọ́ sínú ímeèlì pé òun sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìyàtọ̀ méjì tó dà bí ọ̀kan ní olúwa méjì, ọ̀nà tí a gbà tún wọn ṣe kò sì jọra. Ti owó ẹyọ kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Wọ́n ṣe àtúnṣe ìwé ọ́dà sí ₦1,300, pẹ̀lú nọ́ńbà àtijọ́, wọ́n kọ ọ́ sí i pé àtúnṣe kìíní ni, wọ́n fi ọjọ́ tí wọ́n ṣe é gan-an sí i, ẹni tó ní àṣẹ sì fọwọ́ sí i. Wọn kò fi ọjọ́ àtijọ́ sí i. Ọ̀dítọ̀ tó bá rí i pé owó yí padà lẹ́yìn tí ẹrù ti dé yóò béèrè ìdí, ìwé iye owó àti ímeèlì ọ̀gá ni yóò sì dá a lóhùn.

Ti iye ẹrù jẹ́ ti ìyá náà. Wọ́n kọ ìwé àdínkù owó, tí akáúntì ń pè ní kírẹ́díìtì nóòtì, fún ìwé 20 náà: ₦26,000, pẹ̀lú fáàtì ₦1,950, àpapọ̀ ₦27,950. Nọ́ńbà ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ wà lórí rẹ̀. Ìdí tí a fi ní kí wọ́n má fi ínfọ́ìsì tuntun ránṣẹ́ nìyí. Èyí àkọ́kọ́ ti wọ ìwé tiwọn àti tiwa, bí ínfọ́ìsì méjì bá sì wà fún ẹrù kan, ẹnìkan lè san méjèèjì lọ́jọ́ kan. Ìwé àdínkù kì í pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́, ó kàn ń sọ iye tó yẹ kí a yọ kúrò lára rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀gá wa ní kí a wò kí owó tó jáde: nọ́ńbà akáúntì báǹkì. Ìgbà tí ìwé àtúnṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí ímeèlì báyìí ni àwọn oníjìbìtì máa ń fẹ́ràn láti yọ wọlé, kí wọ́n fi ìwé tó jọ ti ọlọ́jà ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà báǹkì tiwọn. Bí nọ́ńbà bá yí padà, ẹ má dáhùn sí ímeèlì yẹn. Ẹ pe ọlọ́jà lórí nọ́ńbà fóònù tó ti wà nínú fáìlì tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì náà. Ti ìyá Ṣómólú kò yí padà.

₦698,750, ẹ yọ ₦27,950 kúrò, ó ku ₦670,800. Ìwé 480 ní ₦1,300 jẹ́ ₦624,000, fáàtì rẹ̀ jẹ́ ₦46,800, àpapọ̀ rẹ̀ náà jẹ́ ₦670,800. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń sọ ohun kan náà. Kì í ṣe iye tó wà nínú ọ́dà àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe iye tó wà nínú ínfọ́ìsì, ṣùgbọ́n òun ni owó ẹrù tó wà ní sítọ́ọ̀, òun náà sì ni wọ́n san fún ìyá náà.