Bí Ọ̀gá Ṣe Kọ́ Wa Láti Pe Aago ní Èdè Jámánì

Bàbá kan tó wá láti Lomé ló kọ́ wa ní èdè Jámánì ní Àgbádárìgì. Ọ̀gá la máa ń pè wọ́n. Aago páálí kan ni irinṣẹ́ wọn. Wọ́n á yí ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á nawọ́ sí ẹnì kan, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ dáhùn kíákíá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ lábẹ́ èémí, wọ́n á ní kó jókòó.

"Drei Uhr", aago mẹ́ta, kò ni wá lára. "Viertel nach drei", aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 15, náà rọrùn. Ọjọ́ tí a dé orí "halb" ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá yí ọwọ́ aago sí 3:30, wọ́n ní "halb vier" ni, kí a sì pe "b" ìparí rẹ̀ bíi "p". Gbogbo kíláàsì dákẹ́, nítorí "vier" ni mẹ́rin. Àwọn ará Britain a máa da ìdajì pọ̀ mọ́ mẹ́rin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 4:30 ni tiwọn. Ní tiwa, aago mẹ́ta ààbọ̀ la ń pe 3:30.

Ọ̀gá fi àtẹ́lẹwọ́ bo àárín mẹ́ta sí mẹ́rin. "Ẹ wò ó, láti aago mẹ́ta ni wákàtí kẹrin ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti dé ìdajì báyìí."

Àádọ́ta ló là mí lójú. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ẹni tó bá pe àádọ́ta ti kó ogún méjì tán, ó sì wà ní ìdajì ogún kẹta. Ọ̀nà kan náà ni "halb vier" gbà. Láti ìgbà náà ni mi ò ti ṣírò mọ́. Mo lè fi ìdajì náà ṣe òpó: "fünf vor halb vier" ni 3:25, "fünf nach halb vier" sì ni 3:35.

Ọjọ́ àti ọdún ló tẹ̀ lé e. 5 July 1884, ọjọ́ tí Jámánì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí Togo, ni Ọ̀gá fi dán wa wò: "am fünften Juli achtzehnhundertvierundachtzig". Àwọn tó ń ronú ní Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kọ́kọ́ pe ọgọ́rin. Jámánì a máa pe mẹ́rin ṣáájú, bí àwa náà ṣe ń pe mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ní ti ọjọ́ inú oṣù, láti orí kìn-ín-ní dé ìkọkàndínlógún, "-te" ló ń parí rẹ̀. Láti ogún lọ sókè, "-ste" ni. Tí "am" bá ṣáájú, "n" á kún un.

Bí àlejò ará Jámánì bá ní kí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Gbẹrẹfu gbéra ní "halb vier", ẹ má ṣe dé ní 4:30. Ẹ bi í pé: "Fünfzehn Uhr dreißig?" Bí wọ́n ṣe ń kéde 15:30 ní ibùdókọ̀ ojú irin wọn nìyẹn, kò sì sí "halb" nínú rẹ̀.